Ó Ku Bọ́tìnì: Lẹ́tà Tí Télọ̀ Kọ sí Alhaja

Ẹ̀yin télọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, mo kí yín o. Ẹ kú abẹ́rẹ́, ẹ kú òwú, ẹ kú irọ́. Ẹ má bínú, ẹ kú iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ahọ́n ló yọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyá àgbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, tí màmá náà sì ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù yín tó ń ta gúgúrú, Ọlọ́run yóò bá yín dá ẹ̀mí màmá sí, kí ẹ lè rí ẹni sin tí ọdún bá tún ń parí lọ.

Ẹni tó ń ṣe mí láàánú jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni NEPA. Láti ọdún 2005 ni ìjọba ti gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di PHCN. Nígbà tó di 2013, wọ́n pín PHCN náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. NEPA ti kú, wọ́n ti sin ín, àwọn ọmọ ti pín ogún, síbẹ̀ gbogbo Jímọ̀ tí Ọlọ́run dá ni télọ̀ máa ń jí òkú ẹ̀ dìde kó wá jẹ́rìí: "Alhaja, NEPA ni o." Òkú tó yẹ kó máa sinmi, ẹ sọ ọ́ di agbẹjọ́rò.

Àmọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín télọ̀ jù, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lórí àga tí káfíńtà ní òun máa gbé wá nígbà Iléyá, tó gbé e dé nígbà Kérésì. Gbogbo wa la máa ń dá ọjọ́, gbogbo wa la máa ń yẹ̀ ẹ́. Télọ̀ kàn jẹ́ ọ̀gá wa nínú ẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí ni lẹ́tà tí ènìyàn máa ń kọ lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti yẹ̀ tán, torí mo rí méjì tí télọ̀ kan náà kọ sí oníbàárà kan náà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àkọ́kọ́ yẹ kí wọ́n fi nu epo àkàrà. Èkejì yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹgbẹ́ télọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọmọkùnrin náà. Inagijẹ ẹ̀ ládùúgbò ni Ó-Ku-Bọ́tìnì. Aṣọ tí ẹ mú lọ lánàá, tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí ẹ fi kó o wá, tí ẹ bá bèèrè, ó ku bọ́tìnì. Ìró àti bùbá obìnrin, aṣọ tí kò mọ bọ́tìnì rí láyé ẹ̀, ó ku bọ́tìnì. Wọ́n ní ẹnì kan gbé kọ́tìnnì fèrèsé fún un nígbà kan. Ẹ ti mọ ohun tó kù.

Alhaja tí ọ̀rọ̀ yìí kàn náà kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ó ń fa ọmọ ẹ̀ obìnrin fún ọkọ. Ó ra gíní aláwọ̀ omi aró, ó sì ní àwọn arákùnrin ìyàwó, àwọn méjìlá, gbọ́dọ̀ wọ agbádá tó ní mónógíràmù láyà, kí àwọn àna lè mọ̀ pé ọmọ tálákà kọ́ ni wọ́n wá fẹ́. Ọjọ́ Ajé ni aṣọ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó-Ku-Bọ́tìnì wo aṣọ, ó wo Alhaja, ó wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò, ó ní, "Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Alhaja. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Kò sí ìṣirò kankan lórí òrùlé yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni aláǹgbá.

Ìgbéyàwó gan-an, Sátidé tó wà ní ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn Jímọ̀ yẹn ni. Alhaja fi ọ̀sẹ̀ kan sáàárín. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ rò pé àwa ò mọ̀ yín? Òkú máa wọlẹ̀ lógúnjọ́, ẹ máa ní kẹtàlá ni. Télọ̀ náà mọ̀ pé irọ́ lẹ ń pa, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ kan kún un nínú ọkàn ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó mọ̀, ni ẹ bá tún yọ ọjọ́ mẹ́ta sí i. Báyìí ni òpùrọ́ méjì ṣe ń bára wọn ṣòwò láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dé ilẹ̀ yìí, tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé sì di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí nǹkan kan.

Jímọ̀ pé. Agbádá ò pé. Ọmọkùnrin yìí bá mú bírò, ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀:

"Alhaja mi àtàtà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹjọ́ mi kọ́ o. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Kò síná, epo bẹntiróòlù wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ sọ́bsídì, onímónógíràmù já mi kulẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sá lọ, ara èmi náà ò yá. Ẹ̀yin náà sì pẹ́ kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé inú bí yín, ẹ má bínú. Aṣọ ti parí, ó ku bọ́tìnì. Láìpẹ́ lẹ máa rí wa. Ọlọ́run tó ń ṣe é ní àsìkò tiẹ̀ kò ní dójú tì wá."

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹlẹ́ṣẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú lẹ́tà yìí, NEPA, sọ́bsídì, onímónógíràmù, ọmọ iṣẹ́, ibà, àti Alhaja fúnra ẹ̀, ẹni tó gba aṣọ ò sì sí lára wọn. "Tó bá jẹ́ pé inú bí yín"! Alhaja tó ti lé àwọn ọmọ jáde nínú pálọ̀ nítorí ìbínú, ló ń bi bóyá inú bí i. Lẹ́yìn náà ló wá fi Ọlọ́run ṣe onídùúró láìgba àṣẹ. Agbádá mélòó ló ti parí? Kò sọ. Ọjọ́ wo ló máa kó wọn wá? "Láìpẹ́." Láìpẹ́ télọ̀ yìí la ti ń retí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ná kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan, télọ̀ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú ẹ̀ ò ríran wọ abẹ́rẹ́ mọ́ àmọ́ tó ń ríran wọ inú ènìyàn, ló bá a wo lẹ́tà yìí. Bàbá yẹn ò bá a jà. Ó kàn bi í ní ìbéèrè kan ni: "Ká ní NEPA jí dìde, tó ń múná wá tọ̀sán-tòru, tí bẹntiróòlù di ọ̀fẹ́, tí ọmọ iṣẹ́ ẹ so ara ẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tí ara ẹ le bí irin, ṣé agbádá méjìlá máa délé Alhaja lónìí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn, torí rárá ni ìdáhùn. Ẹ sì jẹ́ ká rọra rìn ín, kí ẹ̀yin tí ẹ kàn ń wọ agbádá láìmọ ọ̀nà tó gbà wá náà lè gbọ́. Bí wọ́n bá gé agbádá tán, wọn kì í kọ́kọ́ rán an pọ̀. Wọ́n á lẹ sítéè mọ́ ẹ̀yìn ibi àyà kó lè le, wọ́n á gbé e lọ fún onímónógíràmù. Onítọ̀hún á fi ṣọ́ọ̀kì ya iṣẹ́ ọnà náà sí i, á wá máa fi ọwọ́ méjèèjì yí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń sáré, láyìíká ọrùn, wálẹ̀ sí àyà, títí dé àpò. Ẹ̀yìn iṣẹ́ náà máa ń rí wúruwùru, òwú á dì síbí, á dì sọ́hùn-ún. Nígbà tó bá padà dé ṣọ́ọ̀bù ni télọ̀ á tó fi aṣọ mìíràn bo ìhòòhò yẹn, tí á so apá mọ́ ara, tí á ká etí ẹ̀, tí á lọ̀ ọ́. Agbádá tí kò bá tíì ti ọ̀dọ̀ onímónógíràmù dé, kò sóhun tí télọ̀ lè fi ṣe ju kó máa wò ó nínú ẹ̀mí lọ.

Onímónógíràmù tí Ó-Ku-Bọ́tìnì ń gbé iṣẹ́ fún ní ẹ̀rọ kan, ọwọ́ méjì, àti ìyàwó tó fẹ́ kó máa wálé sùn. Irú iṣẹ́ tí Alhaja fẹ́ yẹn, agbádá kan lóòjọ́ ni. Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi gé aṣọ, Ọjọ́rú ni aṣọ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ bá mi kà á: Ọjọ́rú sí Sátidé, mẹ́rin. Sọ́ńdè, ó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ajé sí Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́wàá. Ajé àti Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta, méjìlá. Bí onímónógíràmù ò bá tiẹ̀ gba aṣọ ẹlòmíràn rárá, Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ àyà máa parí. Télọ̀ wa sì ti bá Alhaja dá Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì! Kí NEPA tó mú iná lọ rárá ni àdéhùn náà ti kú. Ọjọ́ tí wọ́n bí i náà ni wọ́n sin ín, aláǹgbá òrùlé nìkan ló wà níbi ìsìnkú.

Ohun tó fa ìdádúró nìyẹn, ọ̀kan ṣoṣo: ó dá ọjọ́ láì ka iye ọjọ́ tí mónógíràmù máa gbà. Gbogbo ìyókù tó kó sínú lẹ́tà, òótọ́ ni o. Iná lọ lóòótọ́. Ọmọ iṣẹ́ sá lóòótọ́. Ara ẹ̀ gbóná díẹ̀, ó fi paraṣítámọ́ọ̀ méjì lé e. Àmọ́ ẹ yọ gbogbo wọn kúrò, Jímọ̀ á ṣì dé, agbádá ò ní dé. Ohun tí ẹ bá lè yọ kúrò tí ìdádúró náà ò sì ṣípò, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Àti pé iná tó máa ń lọ lójoojúmọ́, èwo ni ìyàlẹ́nu ibẹ̀? Ẹni tó bá dá ọjọ́ fún oníbàárà ní ilẹ̀ yìí bí ẹni tó ń gbé ní ìlú tí iná kì í lọ, ìyẹn náà ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni, kì í ṣe ti olóògbé.

Èyí tó burú jù ṣì kù. Ní òwúrọ̀ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, agbádá mẹ́ta péré ló ti ti ọ̀dọ̀ onímónógíràmù dé. Mẹ́sàn-án ló kù, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù kí Jímọ̀ pé. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń sunkún ìṣirò mọ̀ pé mẹ́sàn-án ò lè wọ inú mẹ́rin. Ó-Ku-Bọ́tìnì náà mọ̀. Alhaja pè é ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó ní báwo ni iṣẹ́? Ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, kí ló fi dá a lóhùn? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá àgbà náà wá ní kó ya ìwé yẹn, kó mú òmíràn. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, lẹ́tà kejì ti wà nílẹ̀:

"Ẹ̀yin Alhaja, ẹ kú ìmúra ìnáwó.

Lónìí Jímọ̀ ni mo ṣe àdéhùn láti kó agbádá méjìlá wá fún yín. Mi ò kó wọn wá. Márùn-ún ti parí, méjì wà lórí ẹ̀rọ mi, márùn-ún ṣì wà níbi iṣẹ́ mónógíràmù.

Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yìí. Mo dá ọjọ́ fún yín láì ka iye ọjọ́ tí mónógíràmù máa gbà. Agbádá kan ló ń gba ọjọ́ kan, méjìlá ni tiyín, ọjọ́ tí mo sì dá ò lè gbà wọ́n. Nígbà tí ẹ pè mí lọ́jọ́ Ajé, mo ti mọ̀ pé Jímọ̀ ò ní ṣeé ṣe, mo sì sọ fún yín pé ó ku bọ́tìnì. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ní kí àwọn arákùnrin ìyàwó wá wọ aṣọ wò lọ́la Sátidé, àti pé àwọn kan ti wọkọ̀ láti Èkó nítorí ẹ̀. Mo ti da ètò yẹn rú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Márùn-ún tó ti parí á délé yín lálẹ́ òní. Mo ti gbé méjì nínú àwọn tó kù lọ fún onímónógíràmù mìíràn, mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ mónógíràmù á parí lálẹ́ ọjọ́ Ajé, rírán á parí lọ́jọ́rú, mo máa kó méje tó kù wá sílé yín lọ́jọ́bọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo máa pè yín lálẹ́ ọjọ́ Ajé láti sọ iye tó ti wà lọ́wọ́ mi, kódà bí kò bá dùn ún gbọ́.

Bí ẹ ò bá fẹ́ dúró, mo lè gba àwọn tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn padà, kí n rán wọn láìsí mónógíràmù, ẹ ó rí wọn gbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba aṣọ àti owó yín padà lórí àwọn tó kù, mo máa kó wọn fún yín. Èyí tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe. Mi ò ní gba owó mónógíràmù àwọn márùn-ún tó pẹ́ yìí.

Èmi ni télọ̀ yín."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí NEPA. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, òkú náà sinmi. Onímónógíràmù wà níbẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ ọ̀daràn, ó kàn jẹ́ ibi tí aṣọ wà. Alhaja ò bá a dá nǹkan kan, kò mọ ojú ẹ̀, kò mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Télọ̀ ló lọ bá a, télọ̀ ni kó jẹ́jọ́.

Ohun tí kò sì sí nínú ẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ṣé ẹ rántí pé Alhaja pẹ́ kó tó san àsansílẹ̀? Òótọ́ ni. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Nínú àwọn arákùnrin méjìlá yẹn, mẹ́ta ò wá fún wíwọ̀n. Nígbà tí télọ̀ bèèrè ìwọ̀n wọn, Alhaja ní, "Èyí àkọ́kọ́ ga bíi tìẹ. Èkejì sanra ju ẹ lọ díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ṣáà bá mi rán an kó gbà á." Kó gbà á! Ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ń fi ọwọ́ wọn ènìyàn nínú afẹ́fẹ́, tí ẹ máa ń ní "o mọ̀ ọ́n, ọ̀gbẹ́ni dúdú yẹn" bí ẹni pé àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń gé ṣòkòtò, Ọlọ́run ń rí yín.

Síbẹ̀, kò kọ ọ́. Bàbá àgbà ló ní kó mú un kúrò. Ó ní bí ẹ bá ń tọrọ àforíjì lẹ́nu, tí ẹ sì ń na ìka sí oníbàárà, ìka yẹn nìkan ló máa rí. Ẹ̀ṣẹ̀ Alhaja ní ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, àmọ́ inú rìsíìtì ni, lọ́jọ́ tí aṣọ bá dé: "Ọjọ́ ò bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí àsansílẹ̀ àti ìwọ̀n ẹni ìkẹyìn á fi wọlé." Kí ó wà níbẹ̀ kí ìjà tó dé. Bí ẹ bá gbàgbé láti kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ gbé e mì.

Ìlà tó nira fún un jù lọ ni ti ọjọ́ Ajé yẹn. Wọ́n ní ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó jáde lọ mumi, ó padà wá kọ ọ́. Ẹ sì wò ó, òun ni ọkàn lẹ́tà náà. Alhaja lè dárí jì í pé kò mọ ìṣirò; ta ló mọ ìṣirò lọ́jọ́ tí owó ńlá bá wọlé? Àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin tó fi pa òótọ́ mọ́ra, ọjọ́ tí Alhaja ì bá fi dá àwọn ará Èkó dúró ni. Ẹ má sì rò pé ìwà ọmọlúàbí nìkan ni mò ń sọ. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, wà níbẹ̀: ẹni tó gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ lásìkò, bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá sì fẹ́ wáyé, ó gbọ́dọ̀ tètè sọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní òfin ò dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó ti débẹ̀, wọ́n kàn ní kó jókòó, pé ó ku bọ́tìnì ni.

Ọjọ́ tuntun náà ńkọ́? Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ti kọ́kọ́ kọ Ìṣẹ́gun, kí inú Alhaja lè tètè dùn. Bàbá àgbà ní kó jẹ́ kí àwọn jọ kà á. Méjì tó wà lórí ẹ̀rọ á parí ní Sátidé. Nígbà tí Sátidé bá fi máa ṣú, onímónógíràmù méjèèjì á ti ṣe méjì-méjì, ọ̀kan ti Jímọ̀, ọ̀kan ti Sátidé, mẹ́rin nìyẹn. Ẹyọ kan tó kù á dé lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Télọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan tí kò sá lọ lè rán méjì lóòjọ́: Ajé méjì, Ìṣẹ́gun méjì, Ọjọ́rú ẹyọ kan, pẹ̀lú bọ́tìnì bùbá, lọ́tẹ̀ yìí bọ́tìnì gidi. Ọjọ́rú ló máa parí. Kí ló dé tí kò fi kọ Ọjọ́rú? Torí pé áyọ́ọ̀nù lè jó, òwú lè tán, olóògbé lè jí. Gbogbo òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀ ló fi ṣe àyè fún wàhálà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ̀, lẹ́tà lè tún un ṣe. Èkejì tó bá yẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fi bírò ṣòfò. Ìlú ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ìdí nìyí tó tún fi to ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ sínú lẹ́tà, Ajé ṣe báyìí, Ọjọ́rú ṣe báyìí. Alhaja ò gba ẹnu télọ̀ gbọ́ mọ́, kò sì yẹ kó gbà á gbọ́. Àmọ́ ó lè ka ìka ọwọ́ ẹ̀. Bí ó bá kà á tí ó sì bá a mu, á sùn. Ìpè alẹ́ ọjọ́ Ajé náà wà fún un láti fi mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, dípò kó dúró di Ọjọ́bọ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti wọ igbó.

Ti owó, ẹ rí i pé kò sọ pé òun máa rán gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó pẹ́ ni mónógíràmù márùn-ún, ohun tó sì yọ̀ǹda nìyẹn. Àwọn kan wà láàárín yín tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣẹ oníbàárà, wọ́n á ṣèlérí bùbá fún un, ìró fún ọmọ ẹ̀, àti fìlà fún baba ọkọ ẹ̀, kó lè di gbèsè márùn-ún tó máa bí lẹ́tà márùn-ún. Àwọn kan á dọ̀bálẹ̀ lórí ìwé títí, "mo wólẹ̀, mo yí gbiri, mo jẹ́ ẹrú yín," ojú ìwé mẹ́ta. Alhaja ò lè wọ ìdọ̀bálẹ̀ lọ síbi ìyàwó. Ìforíjì kan tó. Kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ dìde, kí ẹ lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Mo sì gbóríyìn fún un pé ó kọ ọ́ sínú ìwé, kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ẹ mọ ohùn télọ̀: ìṣẹ́jú méje, mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, méjì jẹ́ àdúrà, èyí tó kù jẹ́ ikọ́. Lẹ́tà, Alhaja lè gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ti Èkó dé tí inú ń bí, kí òun náà rí ọjọ́ àti aago níbẹ̀.

Ó pe Alhaja lálẹ́ ọjọ́ Ajé lóòótọ́. Ó sọ iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní Alhaja dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó rò pé ẹni tó ń jí fóònù gbé ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kí aago tó lu mẹ́wàá, agbádá méje wọlé. Alhaja yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó na ìka wọ inú àpò, ó wo ẹ̀yìn iṣẹ́ àyà bóyá òwú ń já. Kò rí nǹkan kan bú, èyí tó bí i nínú díẹ̀.

Ló bá wọ yàrá lọ, ló kó gíní mẹ́ta jáde. Ó ní àwọn àbúrò òun ti rí tàwọn yòókù, àwọn náà fẹ́, mónógíràmù kan náà, kó bá òun gbé e dé kó tó di Sátidé, ọ̀túnla.

Ó-Ku-Bọ́tìnì wo gíní. Kò wo òrùlé. Ó ní, "Alhaja, rárá o. Kò lè ṣeé ṣe."

Láti ọjọ́ náà ni Alhaja ti ń sọ káàkiri ìlú pé télọ̀ òun ti ń gbéra ga.